Ìparí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ: Bí Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Àwòrán Ṣe Ń Tajà

Ẹni tó bá ń fi ìka yí ojú fóònù rẹ̀ lórí Instagram kì í rí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ àwòrán yín. Ààyè tí wọ́n fún yín fẹ̀ lóòótọ́: lẹ́tà, àlàfo àti àmì ìdánudúró lè tó 2,200. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 125 àkọ́kọ́ péré ló sábà máa ń hàn síta. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ á gé ọ̀rọ̀ náà, á sì fi `more` sí ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù ni yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá rí ìdí tó fi yẹ kó tẹ̀ ẹ́ á kọjá lọ sórí àwòrán ẹlòmíràn. Ààyè àwa tí a ń fi àmì ohùn kọ Yorùbá tiẹ̀ tún lè kéré sí i, torí pé lẹ́tà tó bá ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, bí ẹ́ tàbí ọ̀, ẹ̀rọ sábà máa ń kà á sí méjì.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan wà fún gbólóhùn àkọ́kọ́ tí àwọn yòókù kò lè bá a ṣe: òun ni yóò dá ẹni tó ń kọjá lọ dúró. Gbólóhùn ìkẹyìn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ni yóò sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó dúró yẹn máa ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò fiyè sí ni pé gbólóhùn méjèèjì so mọ́ra, àti pé láti ọ̀dọ̀ ìkẹyìn ló yẹ kí ẹni tó ń kọ ọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti rí rí

Ẹ jẹ́ ká fi oníṣòwò àdìrẹ kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló fẹ́ tà, ọ̀pá márùn-ún, bátànì Ìbàdàndùn ni wọ́n sì yà sí i lára. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ náà síta nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ rẹ̀:

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n. A kí yín kú ọ̀sẹ̀ tuntun, Ọlọ́run á jẹ́ kó san wá o. Inú wa dùn láti fi àdìrẹ wa tuntun hàn yín. Àdìrẹ gidi ni, ó rẹwà, ó sì dára gan-an. Ẹ tẹ láìkì, ẹ kọ kọ́máǹtì, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín, ẹ tẹ̀lé wa, ẹ tẹ líǹkì tó wà lójú ìwé wa, ẹ pè wá, tàbí kí ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. DM fún iye owó."

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn rere ló sì fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó hàn síta kí ẹ̀rọ tó gé e: ìkíni àti àdúrà ló gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bó ṣe máa dárúkọ àdìrẹ, ààyè ti ń tán. Ẹni tó ń kọjá lọ kò tíì rí ìdí kankan tó fi yẹ kó dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le fún ọmọ Yorùbá ni pé a kì í bá ènìyàn dá ọ̀rọ̀ ọjà sílẹ̀ láìkí i. Ìwà ọmọlúàbí ni, kò sì yẹ kí a pa á tì. Àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí ẹ ń kí ti dúró níwájú yín. Lórí Instagram, kò tíì dúró. Ẹni tó ń kiri ọ̀lẹ̀lẹ̀ láàárọ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan láti kí onílé kó tó polówó. "Ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbóná" ni yóò kọ́kọ́ ké, ẹni tó bá sì pè é ni yóò kúnlẹ̀ kí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe. Ẹni tó bá kọ̀wé sí yín ni kí ẹ kí dáadáa, kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ pè é, kí ẹ sì bi í léèrè ilé kí ẹ tó dárúkọ owó. Ibẹ̀ ni ìkíni yín yóò ti rí ẹni tí yóò gbà á.

Ìparí ọ̀rọ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹ bá mi ka ohun tó ní kí ènìyàn ṣe: láìkì, kọ́máǹtì, fífi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, títẹ̀lé, líǹkì, ìpè, ṣọ́ọ̀bù, DM. Ohun mẹ́jọ ni. Ẹni tí a gbé iṣẹ́ mẹ́jọ fún lẹ́ẹ̀kan náà yóò ṣe èyí tó rọrùn jù, ìyẹn láìkì, tàbí kó má ṣe ìkankan. Oníṣòwò náà á wá rí ogójì láìkì lábẹ́ aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò rà.

Kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe?

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan, ẹ bi ara yín pé: kí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ yìí ṣe kó tó gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀? Lórí ọ̀rọ̀ aṣọ yìí, ìdáhùn kò ṣòro. Aṣọ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, nítorí náà ẹnì kan tó fẹ́ ra á ni oníṣòwò wa ń wá. Láìkì kò mú un sún mọ́ ẹni náà. Pípè lórí fóònù ń gba owó àti ìgboyà, ẹni tó wà níbi iṣẹ́ kò sì lè pè. Ní ti wíwá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó wà ní Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù kò lè wá lónìí. Ohun tó kù ni pé kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́.

Ọ̀nà wo ni kó gbà fi ránṣẹ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ti máa ń dẹnu kọlẹ̀, torí pé líǹkì tí ẹ bá kọ sábẹ́ àwòrán lórí Instagram kì í ṣeé tẹ̀. Yóò kàn hàn bí ọ̀rọ̀ lásán ni. Tí ẹ bá kọ ọ́ sí àlàyé kékeré tó wà lókè ojú ìwé yín, ó ṣeé tẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́dọ̀ kúrò lórí àwòrán, kó lọ sí ojú ìwé yín, kó wá líǹkì náà, kó sì ṣí WhatsApp. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn kan á ti yà sí ibòmíràn. Nítorí náà, ohun tó kúrú jù lórí Instagram ni DM, torí pé ibẹ̀ náà ni ẹni náà wà tẹ́lẹ̀.

Lórí Facebook, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Líǹkì inú ọ̀rọ̀ ṣeé tẹ̀ níbẹ̀, ẹ sì lè ṣe èyí tí yóò ṣí WhatsApp yín tààrà. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=MAPO
```

234 ni nọ́ńbà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Nọ́ńbà fóònù yín ni yóò tẹ̀ lé e, láìsí òdo tó ṣáájú rẹ̀, láìsì sí àmì ìròpọ̀ níwájú 234. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé `text=` ni oníbàárà yóò bá nínú àpótí ìkọ̀wé nígbà tí WhatsApp bá ṣí. Kò ní ṣòpò tẹ nǹkan kan. Yóò kàn fi ránṣẹ́ ni. Ẹ̀yin náà yóò sì mọ aṣọ tó rí kó tó kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ kan bẹ́ẹ̀, bíi MAPO, wúlò nínú DM pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ ra nǹkan ni kò mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ rí. Tí ẹ bá ti fún un ní ọ̀rọ̀ tó máa sọ, ẹ ti gba ìnira yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó yàtọ̀ pátápátá sí "DM fún iye owó". Ìyẹn ní kí oníbàárà wá tọrọ ohun tí ẹ ti mọ̀ tí ẹ kò sọ. Ọ̀pọ̀ á rò pé owó náà ti pọ̀ jù, tàbí pé ojú ẹni ni ẹ ó fi dá a lé e. Kàkà kí wọ́n béèrè, wọ́n á fọwọ́ lẹ́rán.

Kí ẹ má sì rò pé ìkànnì kò rí ẹni tó ń tọrọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Facebook kéde pé òun yóò máa dín bí òun ṣe ń gbé àwọn ọ̀rọ̀ tó kàn ń tọrọ láìkì, kọ́máǹtì àti pínpín síwájú ènìyàn kù. Ẹni tó bá ní kí oníbàárà ṣe ohun tí yóò ṣe oníbàárà náà láǹfààní kò sí lára àwọn tí wọ́n ń bá wí.

Nítorí náà, gbólóhùn ìkẹyìn wa ti wà: "Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ kọ MAPO ránṣẹ́ sí wa nínú DM." Ohun kan ṣoṣo, ọ̀nà kan ṣoṣo.

Gbólóhùn tó ń dáni dúró

Ó wá ku ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ mẹ́rin, ká sì gbé wọn yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́: "Ṣé ẹ fẹ́ràn àdìrẹ?" Ó kúrú, ó sì dárúkọ aṣọ. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò gbà ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, ènìyàn lè dáhùn nínú ọkàn rẹ̀ kó sì máa lọ.

Èkejì: "Ohun tí ẹ fẹ́ rí yìí yóò yà yín lẹ́nu!" Ó lè dá ènìyàn dúró lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá rí i pé aṣọ tó ti rí nínú àwòrán náà ló ń bọ̀ wá bá, kò ní dúró nígbà kejì. Gbólóhùn yìí kì í tiẹ̀ ṣe ti àdìrẹ. Oníbàtà lè lò ó, aláta náà lè lò ó.

Ẹ̀kẹta: "Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ya gbogbo ìlà ara aṣọ yìí." Òótọ́ ni, àwọn tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ máa ń lo ìyẹ́ adìyẹ láti fi ẹ̀kọ ya ilà sára aṣọ, yàtọ̀ sí àwọn tó ń lo páànù tí wọ́n ti gé bátànì sí. Gbólóhùn yìí ti mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò fẹ́ wo ìlà náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀kẹrin: "Àwọn òpó tí ẹ ń wò lára aṣọ yìí, òpó Gbọ̀ngàn Màpó ni." Òótọ́ ni èyí náà. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn, àwọn òpó rẹ̀ sì ni àwọn obìnrin aláàdìrẹ mú wọ inú bátànì Ìbàdàndùn, tí wọ́n ya ṣíbí sáàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí bátànì yìí lára ìyá wọn láìmọ̀ pé ilé kan báyìí ni wọ́n ń wò.

Ẹ̀kẹrin ni èmi yóò mú, torí pé ó dá ojú padà sórí àwòrán. Ẹni tó kà á yóò wá òpó náà lára aṣọ, bó bá sì ti rí i, ó ti dúró. Gbólóhùn náà kò gùn, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni yóò hàn kí ẹ̀rọ tó gé e. Ó sì bá ìparí mu: Màpó ló fi bẹ̀rẹ̀, MAPO ni ẹni náà yóò sì kọ ránṣẹ́. Àmọ́ ó fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ayàwòrán: òpó náà gbọ́dọ̀ hàn. Tí wọ́n bá ká aṣọ náà pọ̀, gbólóhùn yìí kò ní ibi tó máa gbá mú.

Ìdánwò kan wà tí mo máa ń fi wọn gbólóhùn àkọ́kọ́: ṣé oníṣòwò mìíràn lè mú un, kó fi sábẹ́ ọjà tirẹ̀, kó sì tún bá a mu? Tó bá ṣeé ṣe, ẹ kò tíì sọ nǹkan kan nípa ọjà yín. Tí ẹ kò bá sì mọ ibi tí ẹ ti máa rí ohun tí ẹ máa sọ, ẹ padà sí ìbéèrè tí àwọn oníbàárà máa ń bi yín. Gbogbo aláàdìrẹ ló mọ ìbéèrè yìí: "Ṣé kò ní ṣí?" Ẹ lè kọ ọ́ báyìí ní ọjọ́ mìíràn: "Omi àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi fọ àdìrẹ yìí yóò dúdú bí aró. Ẹ má bẹ̀rù." Ẹ ó wá ṣàlàyé pé kí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì sá a síbi tí oòrùn kò ti ní ràn án tààrà. Ìparí ìyẹn kò ní jẹ́ DM. Ohun tí ẹni tó kà á nílò ni kó rí ìmọ̀ràn náà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fọṣọ, nítorí náà ẹ ní kó fi pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìparí tirẹ̀.

Àárín

Iṣẹ́ àárín ni láti san gbèsè tí gbólóhùn àkọ́kọ́ jẹ, kó sì dáhùn ìbéèrè tó lè dá ẹni náà dúró kó tó kọ̀wé. Bí gbogbo rẹ̀ yóò ṣe rí nìyí. Iye owó inú rẹ̀, mo fi ṣe àpẹẹrẹ ni:

"Àwọn òpó tí ẹ ń wò lára aṣọ yìí, òpó Gbọ̀ngàn Màpó ni.

Bátànì Ìbàdàndùn nìyí. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú ibẹ̀.

Ọ̀pá márùn-ún ni, ₦45,000. A ó gbé e dé ilé yín ní Ìbàdàn láìgba owó mìíràn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ kọ MAPO ránṣẹ́ sí wa nínú DM."

Ẹ ṣàkíyèsí pé "ó rẹwà, ó sì dára gan-an" ti lọ. Àwòrán ló ń sọ ìyẹn. Ohun tí àwòrán kò lè sọ ni ọ̀rọ̀ gbà: bí wọ́n ṣe ṣe é, bó ṣe gùn tó, iye rẹ̀, iye tó kù. Ìyẹ́ adìyẹ tó wà nínú gbólóhùn kẹta náà rí ibi jókòó sí. Tí ẹ bá fẹ́ fi háṣítáàgì sí i, ẹ kó wọn sísàlẹ̀ pátápátá, kí àlàfo wà láàárín, kí wọ́n má baà bo ìparí mọ́lẹ̀.

Òtítọ́ sì ṣe pàtàkì gidi níbí. Tó bá jẹ́ pé páànù ni wọ́n fi ṣe aṣọ náà, ẹ má fi ìyẹ́ adìyẹ sí i. Tí mẹ́wàá bá wà nílẹ̀, ẹ má sọ pé ẹyọ kan ló kù. Oníbàárà tó bá tún rí aṣọ kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò ní gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ ibi tó ti ń jò

Tí ojú ìwé yín bá jẹ́ ti oníṣòwò, Instagram yóò máa fi iye ẹni tó rí àwòrán kọ̀ọ̀kan hàn yín, àti iye ẹni tó fi í pamọ́ tàbí tó fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ fi ìyẹn wé iye àtẹ̀jíṣẹ́ MAPO tó wọlé.

Tí ọ̀pọ̀ bá rí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ̀wé, tí wọn kò sì fi í pamọ́, ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán àti gbólóhùn àkọ́kọ́. Tí kọ́máǹtì bá kún fún "èló ni?" tàbí "ọ̀pá mélòó?", gbólóhùn àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, àárín ni kò dáhùn. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnì kan kò rà, ó lè jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ni ìbẹ̀rẹ̀ yín fà wá, kì í ṣe àwọn tó ń wá aṣọ. Nígbà náà, ẹ fi ohun tí wọ́n máa fi aṣọ náà ṣe kún gbólóhùn àkọ́kọ́: "Òpó Gbọ̀ngàn Màpó lára ìró àti ìborùn ìyá ìyàwó." Ẹni tó ń múra ìgbéyàwó yóò dá ara rẹ̀ mọ̀ níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá pààrọ̀ àwòrán, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí lọ́jọ́ kan náà, kódà bó bá tà, ẹ kò ní mọ èyí tó tà á. Ẹ má sì gbé ìdájọ́ ka orí ọ̀rọ̀ kan. Ọjọ́ òjò, ọjọ́ owó oṣù àti ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù wà máa ń yí iye ẹni tó wà lórí fóònù padà.

Lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, ẹ máa kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Wákàtí 24 ló ń lò, àwọn tó ní nọ́ńbà yín, tí ẹ̀yin náà sì ní tiwọn, ló sì ń rí i. Wọ́n mọ̀ yín, wọ́n mọ ọjà yín, nítorí náà kò sí ìdí láti fi ìtàn gígùn bẹ̀rẹ̀. "Ìbàdàndùn ọ̀pá márùn-ún, ẹyọ kan, ₦45,000" lè tó láti dá wọn dúró, ìparí rẹ̀ sì lè jẹ́ "Ẹ dá mi lóhùn níbí tí ẹ bá fẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè tún àwòrán tó ṣókùnkùn ṣe, kò sì lè bá yín dá oníbàárà lóhùn. Ẹni tó kọ MAPO ránṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí kò rí ìdáhùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ti lè ra ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ síta ní àkókò tí ẹ máa ráyè dáhùn.

Kí ẹ tó fi í síta, ẹ bo àárín mọ́lẹ̀, kí ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn nìkan sókè ketekete. "Àwọn òpó tí ẹ ń wò lára aṣọ yìí, òpó Gbọ̀ngàn Màpó ni. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ kọ MAPO ránṣẹ́ sí wa nínú DM." Tí ẹni tó gbọ́ méjèèjì bá lè sọ ohun tí ẹ ń tà àti ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe, ẹ fi í síta. Tí kò bá lè sọ ọ́, ọ̀kan nínú méjèèjì ni kí ẹ tún kọ, kì í ṣe àárín.